Ọrùn Agbaṣẹ́ṣe Ni Ọ̀gá Ìrajà Ń Wò

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi òwe yìí ṣe. Wọn a máa pa á fún ọmọbìnrin tí ọkùnrin kan ń ṣèlérí mọ́tò fún, tàbí fún ará àdúgbò tí olóṣèlú ní òun yóò da ọ̀dà sí títì wọn. Òótọ́ ni, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú òwe náà tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Àwọn àgbà kò ní ká bi onílèérí léèrè irú aṣọ tó ní. Wọ́n ní ká wo ọrùn rẹ̀. Ẹni tí à ń wò lè má mọ̀ pé à ń wo òun, a sì lè ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà rírà nílé iṣẹ́ ńlá ṣe ń wo agbaṣẹ́ṣe lórí ayélujára lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ilé iṣẹ́ ohun mímu kan wà ní Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹnjiníà wọn kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrajà pé àwọn nílò agbaṣẹ́ṣe tuntun tí yóò máa tọ́jú jẹnẹrétọ̀ méjì tí wọ́n ní. Ọ̀gá ìrajà lè má mọ púpọ̀ nípa ẹ̀ńjìnnì. Ohun tó mọ̀ ni pé òfin ilé iṣẹ́ ní kí òun gba ìwé iye owó lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta, kí òun sì kọ ìdí tí òun fi mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹnjiníà yóò ka ohun tó bá kọ, ẹ̀ka ìṣúná yóò kà á, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò náà yóò kà á lọ́jọ́ iwájú. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì dákẹ́ lóru ọjọ́ tí ọjà ń jáde, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè láti wá ṣàlàyé ibi tó ti rí irú agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú ẹni báyìí ló ń ṣí LinkedIn ní alẹ́, tó ń wo orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kì í tẹ ohunkóhun, kì í kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sábẹ́ pósítì ẹnikẹ́ni, torí kò fẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe mọ̀ pé òun ti ń wá a. Kì í ṣe pé ó ń wá ẹni tí yóò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀rí tó lè gbé dé iwájú àwọn tí yóò bi í léèrè ló ń wá. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ èyí kò ní máa kọ pósítì láti fi wú ọ̀gá ìrajà lórí. Yóò máa kọ ohun tí ọ̀gá ìrajà lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló ń bá pàdé lójú òpó ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe wa? Ìkíni ọdún Iléyá, àwòrán ọ̀gá àgbà tó ń gba àmì ẹ̀yẹ, àti gbólóhùn pé àwọn ń ṣiṣẹ́ tó péye ní owó pọ́ọ́kú. Ìkíni ọdún kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ máa kí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ka ìṣúná kankan tí wọn yóò ti gba ìkíni ọdún gẹ́gẹ́ bí ìdí tí wọ́n fi fún ènìyàn níṣẹ́.

Ìtàn iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a sọ dáadáa níye lórí ju ogún irú pósítì bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ lójú òpó, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ ní Yorùbá, bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ kó rí nìyí:

"Ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ọ̀tà, jẹnẹrétọ̀ 500 kVA méjì. Lítà 60 ni wọ́n ń sun ní wákàtí kan lóru. Ó di lítà 53. A kò pààrọ̀ ẹ̀rọ kankan."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi iṣẹ́, ìwọ̀n ẹ̀rọ àti èsì ti jáde kí òǹkàwé tó fa èémí kejì. Ìdí ni pé LinkedIn kì í fi gbogbo pósítì hàn lẹ́ẹ̀kan; lẹ́yìn ìlà díẹ̀, yóò fi ìyókù pamọ́ títí òǹkàwé yóò fi tẹ̀ ẹ́ kó lè rí i. Bí ó bá jẹ́ pé "inú wa dùn láti kéde" ni ìlà àkọ́kọ́, inú dídùn náà nìkan ni ọ̀gá ìrajà yóò rí kó tó kọjá lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí àlàyé wá tẹ̀ lé e. Nínú àpẹẹrẹ mi yìí, lóòdù ilé iṣẹ́ náà lóru kò ju kilowáàtì 200 lọ, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ méjèèjì ni wọ́n ń tàn pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ 500 kVA lè gbé tó kilowáàtì 400, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹ̀ńjìnnì dísẹ̀lì kì í fẹ́ irú iṣẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kò ní gbóná tó láti jó epo tán, epo tí kò jó yóò sì máa dà pọ̀ mọ́ èéfín, títí ohun dúdú kan tó dà bí òróró yóò fi máa kán láti ẹnu sàléǹsà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti rò pé ẹ̀ńjìnnì ti fẹ́ kú. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe ṣe ni pé ó fi lóòdù tó wúwo dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fún wákàtí mélòó kan títí sàléǹsà fi gbẹ, ó sì tún ètò rẹ̀ ṣe kí ọ̀kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ lóru, kí èkejì máa sinmi, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lítà méje ni wọ́n jèrè ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ń lò ó fún wákàtí 10 lóru, lítà 70 nìyẹn, nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀ lójú ẹni tó ti ka ìpolówó àwọn tó ní àwọn ń dín owó epo kù ní ìlàjì. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó bá rí ìdá 12 yìí yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀, yóò sì bá a mu. Èyí tó ní ìlàjì yóò kàn rẹ́rìn-ín sí ni.

Agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe wọ̀n ọ́n: mítà ló fi sórí ọ̀pá epo, òru 14 kó tó tún un ṣe àti òru 14 lẹ́yìn rẹ̀, ẹnjiníà oníbàárà ló sì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí iṣẹ́ náà kò ṣe pẹ̀lú. Ní ọ̀sán tí lóòdù pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóru bá sì kọṣẹ́ lójijì, òkùnkùn yóò wà fún ìgbà díẹ̀ kí èkejì tó gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé bátìrì sẹ́yìn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń bẹ̀rù láti kọ gbólóhùn méjì yìí. Èmi rò pé àwọn gan-an ló ń ta iṣẹ́, torí ìbéèrè tí ẹnjiníà oníbàárà yóò béèrè nìyẹn, a sì ti dáhùn rẹ̀ kó tó béèrè.

Àṣẹ oníbàárà ṣe pàtàkì. Bí ó bá ní kí wọ́n má dárúkọ òun, "ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ọ̀tà" tó, níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbà pé kí a fún ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà yẹ̀ wò ní nọ́ńbà òun. Àwòrán náà ní ewu tirẹ̀. Mo ti rí pósítì tí àlàyé rẹ̀ dán gbinrin, ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ọmọ iṣẹ́ kan wọ sálúbàtà, ó ń tẹ̀ ba ẹ̀ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ kò ní ka àlàyé kankan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí sálúbàtà yẹn.

Ó wá ku ìwé ẹ̀rí. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC àti nọ́ńbà RC rẹ̀ ló yẹ kó wà ní abala "About", kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é lọ́jà nìkan. Ẹnikẹ́ni lè wá nọ́ńbà náà lójú òpó CAC, ọ̀gá ìrajà yóò sì wá a. Bí ilé iṣẹ́ kò bá ti fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́, INACTIVE ni yóò rí níwájú orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lè parí síbẹ̀. Bákan náà ni ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì láti ọ̀dọ̀ PenCom àti ti ITF: ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń kú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó bá gbé ti ọdún tó kọjá sórí ìkànnì ní oṣù Kẹta ń polówó àìbìkítà ara rẹ̀ ni.

ISO 9001 ló ń fa wàhálà jù. Àjọ ISO fúnra rẹ̀ kì í fún ilé iṣẹ́ kankan níwèé ẹ̀rí. Ó ń kọ ìlànà ni, àwọn ilé iṣẹ́ ayẹ̀wò mìíràn ló ń fúnni níwèé. Àmì ISO lásán kò sì sọ nǹkankan. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó fún yín, nọ́ńbà ìwé náà, ọjọ́ tí yóò parí, àti irú iṣẹ́ tó bò. Kókó tó kẹ́yìn yìí ló ń gbé agbaṣẹ́ṣe ṣubú: ìwé náà lè sọ pé títa ẹ̀yà ẹ̀rọ ni wọ́n yẹ̀ wò, nígbà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá iṣẹ́ fún. Kò sí ìdí láti gbé àwòrán ìwé náà lódindi síta, torí àwọn oníjìbìtì á jí i lò. Àwọn kókó wọ̀nyí tó fún ẹni tó bá fẹ́ wádìí.

Ẹ má sì fi iye àwọn tó tẹ àmì ìfẹ́ wọn ìtàn iṣẹ́. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jù ni ọ̀rẹ́, ẹbí àti àwọn agbaṣẹ́ṣe ẹlẹgbẹ́ yín. Níbi tí LinkedIn ti ń fi àwọn tó ṣèbẹ̀wò sí ojú òpó ilé iṣẹ́ hàn, ó ń pín wọn sí ẹ̀ka iṣẹ́ wọn, ọ̀kan nínú ẹ̀ka náà sì ni "Purchasing". Bí ìyẹn bá ń ròkè lóṣooṣù, tí àwọn tó ń béèrè ìwé iye owó sì ń mẹ́nu ba iṣẹ́ kan pàtó tí wọ́n kà, ojú òpó náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ lọ bá oníbàárà tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, kí ẹ sì tọrọ àṣẹ láti kọ ìtàn iṣẹ́ kan pẹ̀lú òǹkà tí ẹnjiníà rẹ̀ yóò fọwọ́ sí.