Ìdí tí fíìmù àtijọ́ fi máa ń ya bí eyín òòyà lórí fóònù yín 🧵

Ẹ ti rí i rí. Ẹnìkan gbé fíìmù Yorùbá àtijọ́ sórí ayélujára. Ìyá ọkọ gbé ọwọ́ sókè láti gbá ìyàwó létí, ni apá ẹ̀ bá ya sí ìlà wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Tó bá tún mira báyìí, eyín òòyà ti dé.

Àwọn kan á ní káséètì ló ti bàjẹ́. Rárá o. Káséètì yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n kan tí wọ́n dá ní nǹkan bí ọdún 1930 lẹ ń wò yẹn, fóònù yín ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ bá mi ká lọ.

Tíífíì ayé ìgbà yẹn, èyí tó ní ẹ̀yìn gbọọrọ, kì í gbé àwòrán jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtànṣán kan ló ń ya àwòrán náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ sẹ́yìn ilé. Kó tó dé ìsàlẹ̀, òkè ti ń ṣókùnkùn. Tó bá jẹ́ ìgbà 25 péré ló ń yà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ máa rí i tí iná á máa ṣẹ́ yìn-ìn-yìn lójú yín. Tí wọ́n bá ní kó yà á ní ìgbà 50, ojú á sinmi, ṣùgbọ́n ẹrù tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé sáfẹ́fẹ́ á di ìlọ́po méjì. Kò sì sí àyè fún un.

Fritz Schröter ti Telefunken ní Jámánì àti Randall Ballard ti RCA ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n gbé dé: ẹ pín àwòrán sí ìdajì méjì. Ẹ kọ́kọ́ ya ìlà 1, 3, 5, 7 títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá padà sókè, kí ẹ ya 2, 4, 6, 8 sáàárín wọn. Ìdajì 50 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ẹrù ẹ̀ ò ju ti odindi 25 lọ. Ojú èèyàn ló máa bá wọn so ó pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ 😂

Ìlú London ni wọ́n ti dán an wò lójú gbogbo ayé. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1936, ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n ń fi wọ́n gbara wọn. Ti Baird ń ya odindi àwòrán onílà 240. Ti Marconi àti EMI ń ya onílà 405, ní ìdajì-ìdajì. Oṣù kejì 1937 ni wọ́n ti ti Baird sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná tó ń ṣẹ́ nìkan ló bá a jà o, kámẹ́rà ẹ̀ náà ò ṣeé gbé kiri. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, ìdajì méjì ló gba ìgboro.

Nítorí náà, nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, inú ọgbọ́n yìí ló bí i sí. Ìlànà tó wá di tiwa ni PAL: ìlà 625, tí 576 nínú ẹ̀ ń gbé àwòrán, ìdajì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé lọ sóde ìyàwó, káséètì fídíò inú pálọ̀, gbogbo ẹ̀ tẹ̀lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìdajì méjì yẹn kì í ṣe ti àkókò kan náà. Kámẹ́rà fídíò á mú ìlà 1, 3, 5. Lẹ́yìn ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá ló tó mú 2, 4, 6. Ọwọ́ ìyá ọkọ ò dúró dè é! Ó ti kúrò níbi tó wà. Tíífíì àtijọ́ á fi ìdajì kìíní hàn, á wá fi ìkejì hàn lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Fóònù yín, odindi ló mọ̀. Ó máa di ìdajì méjèèjì pọ̀, á sọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà sójú yín. Ọwọ́ kan níbí, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún, ìlà kan ní tibí, ìlà kan ní tọ̀hún. Eyín òòyà yín nìyẹn.

Títú ìdajì méjì yẹn padà kúrò lára ara wọn ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń pè ní `deinterlace`. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba fíìmù jẹ́, torí wọ́n rò pé oògùn kan náà ni fún gbogbo àìsàn. Ibi tí àwòrán ti wá ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ẹ wo fíìmù bíi Àjàní Ògún tó jáde ní 1976. Fíìmù gidi tí wọ́n ń fọ̀ ni wọ́n fi yà á, odindi àwòrán kọ̀ọ̀kan ni kámẹ́rà mú. Nígbà tí irú ẹ̀ bá dé orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kàn gé odindi kọ̀ọ̀kan sí méjì ni. Ìdajì méjèèjì, àkókò kan náà. Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀, wọ́n bára wọn mu, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tú. Tí ẹ bá fipá tú u, ẹ kàn ń sọ àwòrán tó dáa di bàìbàì ni. Nígbà mìíràn ìdajì ti àwòrán yìí lè ti ṣèèṣì bọ́ sọ́dọ̀ ti èyí tó tẹ̀lé e, eyín òòyà á sì yọ. `fieldmatch` ló máa dá kálukú padà sọ́dọ̀ èkejì ẹ̀, kò ní já ìlà kan sọnù.

Àwọn fíìmù orí fídíò tó gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1980, òde ìsìnkú, ìròyìn, eré inú sítúdíò: ìdajì 50, àkókò 50. Àwọn wọ̀nyí ló nílò títú.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan hàn yín. Ìsìnkú ìyá bàbá mi ní 1996, káséètì fídíò ni wọ́n fi gbà á. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀bù kan bá wa gbé e sórí dífíìdì. Ẹ tẹ dífíìdì náà bọ kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú `VIDEO_TS`, àwọn fáìlì `VOB` ni àwòrán wà. Ẹ má tíì yí i padà sí nǹkankan. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú ohun tó jẹ́:

```
ffmpeg -ss 300 -i VTS_01_1.VOB -vf idet -frames:v 1500 -an -f null -
```

Mo ní kó fo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, torí orúkọ àti òdòdó tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀rẹ̀ ò mira, kò lè sọ òótọ́. Nínú àwòrán 1500, èyí tíí ṣe ìṣẹ́jú kan, ohun tó dá mi lóhùn nìyí:

```
Multi frame detection: TFF: 1431 BFF: 2 Progressive: 19 Undetermined: 48
```

`TFF` ni pé ìdajì méjì ni, èyí tó ní ìlà òkè pátápátá ló sì ṣáájú. `BFF` ni òdìkejì ẹ̀, ẹ máa bá a pàdé lára kámẹ́rà oníkáséètì kékeré tí wọ́n ń pè ní DV. Ká ní `Progressive` ló pọ̀ jù ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí ò rú mi lójú rárá:

```
ffmpeg -i VTS_01_1.VOB -vf "bwdif=mode=send_field:parity=tff,scale=1440:1080,setsar=1" -c:v libx264 -crf 18 -c:a aac -b:a 192k isinku.mp4
```

Nǹkan méjì péré ni kí ẹ wò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni `send_field`. Ó ń sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di odindi, ó ń fi ohun tó rí lókè, nísàlẹ̀, ṣáájú àti lẹ́yìn dí àlàfo ìlà tó kù. Àwòrán 50 ló máa jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò ni `send_frame`, 25 ló ń mú jáde, ìyẹn ni pé ẹ ti da ìdajì ìrìn náà nù. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn níbi tí wọ́n ti ń jó bàtá, ẹ máa rí i: ti 50 ń ṣàn, ti 25 ń já lu ilẹ̀.

Ìkejì ni pé `bwdif` gbọ́dọ̀ ṣáájú `scale`. Ẹ tú u kí ẹ tó sọ ọ́ di ńlá. Mo sì sọ ọ́ di 1080 nítorí YouTube kì í fi 50 hàn tí àwòrán ò bá tó 720 ní gíga.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíkọ irú nǹkan báyìí lè lo HandBrake. Lábẹ́ `Filters`, ẹ mú `Bwdif`, kí ẹ yan `Bob`, kí ẹ wá lọ sí `Video` kí ẹ sọ pé 50 lẹ fẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí? Ẹ ṣí i pẹ̀lú VLC, ẹ wá ibi tí ẹnìkan ti ń rìn kọjá, kí ẹ máa tẹ E. Àwòrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún síwájú díẹ̀. Tó bá ń lọ síwájú, tó ń padà sẹ́yìn, tó tún ń lọ síwájú bí ọ̀mùtí, ìdajì tó yẹ kó kẹ́yìn lẹ fi ṣáájú. Ẹ sọ `tff` di `bff`, kí ẹ tún un ṣe. Àmọ́ ẹ pa `Deinterlace` inú VLC fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o! Ó máa ń bá èèyàn tú u láìsọ, ẹ á wá rò pé fáìlì yín ti dáa.

Ó wá ku fíísíìdì, àwo tí wọ́n kọ VCD sí lára, tó kún gbogbo ìsọ̀ ní Aláàbà nígbà tí a wà ní kékeré. Tí ẹ bá ṣí folda `MPEGAV`, `AVSEQ01.DAT` lẹ máa bá. Ìlà 288 péré ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wo 576, ẹ pín in sí méjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo yìí, wọ́n mú ìdajì kan, wọ́n ju ìkejì sọnù. Ìdí nìyẹn tí fíísíìdì kì í fi í ní eyín òòyà. Tí ẹ bá lo `bwdif` fún un, ìdajì ohun tó ṣẹ́kù lẹ tún ń pa. Ẹ kàn sọ ọ́ di ńlá, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní 25.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń mú dífíìdì tàbí káséètì tó péye, tí wọ́n sọ 576 di 480 láìtú u, tí wọ́n sì ju àwo náà nù torí ó ti wà lórí ayélujára. Nígbà yẹn ìlà ìdajì kìíní àti ti ìkejì ti yọ́ pọ̀. Eyín òòyà náà á wá di ìgbì ńláńlá, kò sì sí àṣẹ kankan tó lè yà wọ́n. Àfi kí wọ́n padà sídìí káséètì.

Ti màmá àgbà ṣì wà nínú àpò nílé bàbá mi. Dífíìdì yẹn ti gé ibi tí wọ́n ti ń na owó fún onílù kúrò, inú káséètì nìkan ló kù sí. Ẹ̀rọ tó máa kà á ni mò ń wá báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.