Bí Òfin Ìtàpadà àti Ìtẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Jáde Láti Inú Àkókò Tó Kéré Jù

Àwọn ìwé tó sọ ìtàn òfin ìmọ́lẹ̀ kò fẹnu kò. Òmíràn ní Snell ló ni ín, òmíràn ní Descartes, òmíràn sì kó gbogbo rẹ̀ fún Fermat. Ohun méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra: rírí òfin, àti sísọ ìdí tí òfin fi rí bẹ́ẹ̀. Ti ìtàpadà ló kọ́kọ́ yanjú. Ní ọ̀rúndún kìíní, Hero ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì fi hàn pé nínú gbogbo ọ̀nà láti ibi fìtílà, kan dígí pẹrẹsẹ, dé ojú ẹni, èyí tó kúrú jù ni èyí tí igun àlọ àti igun àbọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ṣáà ka ojú sí ohun tó wà lẹ́yìn dígí, ní iye ìjìnnà kan náà; ibi tí ìlà gbọọrọ láti fìtílà dé ibẹ̀ bá ti gba dígí kọjá ni à ń wá. Inú afẹ́fẹ́ kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn, nítorí náà ọ̀nà tó kúrú jù náà ni ó yá jù.

Ti ìtẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibn Sahl ní Bágídáàdì mọ òfin rẹ̀ ní nǹkan bí 984, Snell rí i ní 1621, Descartes sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1637. Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, torí kò sí ìkankan nínú wọn tó fi àkókò ṣe ìdí rẹ̀. Fermat ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1662. Descartes ti ní ìmọ́lẹ̀ máa ń rọrùn láti kọjá nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Fermat ní omi ló ń fà á sẹ́yìn. Ó wá ṣírò ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba wọ omi kí àkókò rẹ̀ lè kéré jù. Bí a bá sún ibẹ̀ síwájú díẹ̀, ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ á gùn sí i níwọ̀n sáìnì igun òkè, ti inú omi á sì kúrú níwọ̀n sáìnì igun ìsàlẹ̀. Níbi tí àkókò tí a pàdánù bá ti bá èyí tí a jèrè dọ́gba, sáìnì òkè pín sí ìsàlẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú eré inú afẹ́fẹ́ pín sí eré inú omi. Ẹnu yà á pé òfin Descartes gan-an ló tún jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò àwọn méjèèjì nípa eré ìmọ́lẹ̀ takora.

Ká ní odò kan ní Tápà jìn ní mítà 4, tí fìtílà sì wà ní mítà 3 lókè omi. Eré ìmọ́lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó 4/3 ti inú omi. Kí ó lè dé òkúta ìsàlẹ̀ odò tó fi mítà 7 jìnnà sí abẹ́ fìtílà, ó rin mítà 4 síwájú kó tó wọ omi, ó sì rin mítà 3 síwájú nínú omi. Sáìnì òkè jẹ́ 4/5, ti ìsàlẹ̀ 3/5. 4/3 ni ìpín wọn. Mítà 5 lókè àti 5 nínú omi, ó gba àkókò tí yóò fi rin mítà 11.67 nínú afẹ́fẹ́. Ìlà gbọọrọ kò ju mítà 9.90 lọ, ṣùgbọ́n àkókò mítà 11.79 ló ń gbà.

Ní ọdún 1662 kan náà, Clerselier, ọmọlẹ́yìn Descartes, takò Fermat pé ìmọ́lẹ̀ kò ní ọpọlọ tí yóò fi yan ọ̀nà. Àtakò yìí tọ́ sí ìdáhùn, Huygens ló sì fún wa ní 1690: ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń gba àkókò kan náà tán ni ìgbì ti ń para pọ̀, kò sẹ́ni tó ń yàn. Ti eré, Foucault wọ̀n ọ́n ní 1850, omi ló fà á sẹ́yìn. Feynman tún sọ ọ̀rọ̀ ìgbì yìí di gbogbogbòò ní 1948.

Àléébù kan ṣẹ́ kù nínú orúkọ òfin àkókò tó kéré jù. Lójú dígí tó tẹ̀ wọnú, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà lè jẹ́ èyí tó pẹ́ jù láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, síbẹ̀ igun méjèèjì á dọ́gba. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí àkókò má yí padà bí a bá sún ọ̀nà díẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ nìyẹn.