Tókìn tó ti kọjá àkókò
Nínú `OAuth 2.0`, tókìn ìwọlé kì í sábà pẹ́ kú. Tókìn ìsọdọ̀tun ni áàpù fi ń gba òmíràn. Bí sáfà bá dáhùn `401`, kí áàpù sàmì sí ìbéèrè náà, kó gba tókìn tuntun, kó sì tún fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí `401` bá tún dé sórí ìbéèrè tó ti ní àmì, kó jáwọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé ìbéèrè ìsọdọ̀tun fúnra rẹ̀ ń gba inú kóòdù tó ń ṣọ́ `401` kọjá. Bó bá kùnà pẹ̀lú `401`, á tún máa pe ara rẹ̀ láìdúró. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ `invalid_grant`, kí áàpù pa tókìn méjèèjì rẹ́, kó ní kí aṣàmúlò wọlé lákọ̀tun.