Wọ́n ní kó o lọ rọ́ọ́kún nílé: ṣé owó oṣù ẹ ṣì ń wọlé?

Ní Nàìjíríà, ọ̀gá iṣẹ́ lè ní kó o lọ rọ́ọ́kún nílé tó bá ń wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn ẹ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìwé gbélé-ẹ o. Nínú ẹjọ́ Longe àti Fọ́ọ̀sì Báǹkì lọ́dún 2010, kóòtù tó ga jù lọ ní ẹni tí wọ́n ní kó lọ rọ́ọ́kún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Orí owó ni wàhálà wà. Inú ìwé àdéhùn tàbí ìwé òfin iléeṣẹ́ ni ọ̀gá ti gbọ́dọ̀ rí àṣẹ láti dá owó oṣù dúró. Ká ní ọjà sọnù ní sọ́ọ̀bù, wọ́n wá ní kí akọ̀wé tó ń gba ₦90,000 lọ rọ́ọ́kún foṣù méjì. Bí àdéhùn ò bá sọ nǹkan kan nípa owó, ₦180,000 ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Tó bá sọ pé ìdajì ni, ₦90,000 ló máa gbà.

Àwọn ọ̀gá kan á kàn kọ "kò sí owó" sínú lẹ́tà. Ọgbọ́n àrékérekè nìyẹn, torí lẹ́tà tí wọ́n dá kọ ò lè yí àdéhùn tẹ́yin méjèèjì fọwọ́ sí padà. Nàṣọ́nà Índọ́stríà Kóòtù ni wọ́n ń gbé irú ẹ̀ lọ. Mú ìwé àdéhùn àti lẹ́tà náà dání.