Ìdí Tí A Fi Ń Ga Díẹ̀ Láàárọ̀ Ju Ìrọ̀lẹ́ Lọ

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní dá lórí ẹ̀yìn wa.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí ẹ dúró ṣánṣán ti ògiri, tí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí orí yín dé, ẹ padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Orí yín kò ní kan àmì yẹn mọ́. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Lọ́dún 1724, àlùfáà ìjọ kan ní abúlé Aynho nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Wasse, kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti wọn ara rẹ̀, ó wọn àwọn lébìrà, ó sì wọn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìjókòó. Gbogbo wọn ló ń kúrú bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó sì ń súnmọ́ ínṣì kan. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé bí òun fúnra rẹ̀ bá jókòó ti tábìlì ìkọ̀wé fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, láì gbé ẹrù kankan, òun náà ń kúrú. Ó ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín àwọn eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń fún pọ̀ nítorí ìwúwo ara. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun rírọ̀ náà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, wọ́n dà bíi tìmùtìmù kéékèèké láàárín eegun kan àti èkejì. Etí wọn yi, ṣùgbọ́n inú wọn rọ̀, ó sì ń fa omi bí gààrí. Bí a bá dìde dúró tàbí tí a jókòó, ìwúwo orí, apá àti àyà wa á tẹ̀ wọ́n, omi á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sùn lóru, ìwúwo náà kúrò, wọ́n á tún fa omi padà, wọ́n á wú. Ara ọ̀nà tí oúnjẹ fi ń wọ inú wọn nìyẹn, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú tìmùtìmù àgbàlagbà.

Lọ́dún 1935, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ De Puky wọn èèyàn 1,216, láti ọmọdé dé arúgbó. Ohun tí wọ́n ń pàdánù lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 16. Bí a bá fi ga wọn díwọ̀n, tọmọdé pọ̀ ju tàgbà lọ, nítorí tìmùtìmù àgbà ti gbẹ díẹ̀. Nígbà tó yá, lọ́dún 1985, àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó ń lọ láàárín wákàtí kan péré lẹ́yìn tí èèyàn bá dìde. Obìnrin tó ga tó sẹ̀ńtímítà 160 lè fi bíi sẹ̀ńtímítà kan àbọ̀ kúrú kí alẹ́ tó lẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ti lọ kó tó ta gbogbo àkàrà àárọ̀ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá rèé. Tìmùtìmù tó kún fún omi le, kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí a bá tẹ ẹ̀yìn síwájú ní kété tí a jí, ara rẹ̀ á fà gidigidi. Lọ́dún 1998, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Snook, kọ́ àwọn tí ìrora ẹ̀yìn ti wọ̀ lára pé kí wọ́n má máa tẹ ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ kùtù. Ìrora wọn dínkù.

Ẹ wo ohun tí àwa máa ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀: ìgbálẹ̀ kúkúrú lọ́wọ́, ẹ̀yìn lílọ́po, àgbàlá gbogbo. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó kọ́kọ́ dáná, kó rìn káàkiri, kó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, tàbí kó so igi gígùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé garawa omi, ẹ lóṣòó, ẹ má lọ́ ẹ̀yìn po. Èyí kò wo gbogbo ẹ̀yìn dídùn o. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tàbí tí kò lè di ìtọ̀ mú, kó tètè lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin àgbà, kíkúrú tí oorun ń dá padà kọ́ ni kíkúrú tí kì í padà mọ́. Aago kan náà ni kí ẹ máa fi wọn ara yín. Bí ẹ bá ti fi bíi sẹ̀ńtímítà mẹ́rin kúrú sí bí ẹ ṣe ga nígbà ọ̀dọ́, tàbí tí ẹ̀yìn ṣàdédé tẹ̀, ó lè jẹ́ pé eegun fúnra rẹ̀ ti rún. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ìyá tí ẹ̀yìn ń dùn.