Gbọ̀ngán àti alásè ní Bìní: ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó sanwó

Nílé, bí àlejò bá pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ, àwọn obìnrin ilé á kàn bu omi sọ́bẹ̀, wọ́n á tún gbé ìkòkò mí-ìn kaná. Lọ́dọ̀ alásè tó ń gbowó lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú Bìní, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tá a sì wà lẹ́yìn odi, ó máa ń ṣòro ká tó mọ iye èèyàn tó máa wá, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ bọ̀ láti ilé. Tí bọ́ọ̀sì kan ò bá lè wá mọ́, ogún èèyàn ti dín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ìdílé kan fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n bá alásè ṣàdéhùn abọ́ 300, ní ₦6,000 lórí abọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Wọ́n san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ìyẹn ₦1,080,000. Ó ku ₦720,000.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n máa sọ iye àlejò gan-an, àti iye abọ́ tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún. Ká ní wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìnáwó, àti abọ́ 240. Tí ìdílé náà bá sọ lásìkò pé èèyàn 220 ló máa wá, owó abọ́ 240 ni wọ́n máa san, ₦1,440,000. Wọ́n ti san ₦1,080,000 tẹ́lẹ̀, ó ku ₦360,000. Tí wọn ò bá kọ èyí sílẹ̀, alásè lè ní 300 lòun mọ̀, torí iye tóun fi nájà nìyẹn.

Ti àlejò tó bá lé náà wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye abọ́ tí wọ́n lè fi kún un, bíi 30, àti iye tí wọ́n máa gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún yan ẹnì kan lọ́dọ̀ yín àti ẹnì kan lọ́dọ̀ alásè tí wọ́n á jọ máa ka abọ́ tó ń jáde. Abọ́ ni kí wọ́n kà, kì í ṣe orí èèyàn, torí ẹlòmí-ìn máa ń gba méjì.

Ibi tí ìjà ti máa ń pọ̀ jù ni tí ìnáwó bá yẹ̀. Ìwé lè sọ pé, tó bá ku oṣù kan, alásè máa mú ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi í pé: ìdá 50 nínú kí ni? Tó bá jẹ́ nínú gbogbo owó, ₦900,000 ló máa mú, ₦180,000 péré ló máa padà sọ́wọ́ ìdílé yìí. Tó bá jẹ́ nínú owó àsansílẹ̀, ₦540,000 ló máa padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa ìyàtọ̀ ₦360,000 yẹn.

Àwọn mí-ìn máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí rìsíìtì pé owó tó bá ti wọlé ò ní í jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Abala 120 nínú Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa san iye tó bọ́gbọ́n mu. Lára ohun tí òfin ní kí wọ́n wò ni bí oníbàárà ṣe tètè sọ tó, àti bóyá olùtajà ṣì lè rí ẹlòmí-ìn gbà á.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngán fi yàtọ̀ sí ti oúnjẹ. Gbọ̀ngán tẹ́ ẹ gbà fún Sátidé kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, tẹ́ ẹ wá fagi lé e nínú oṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì, ẹlòmí-ìn á tètè gbà á, kò sì bójú mu kí wọ́n mú gbogbo owó yín. Àmọ́ alásè tẹ́ ẹ sọ fún lẹ́yìn tó ti ra màlúù àti ata ti náwó ná. Torí náà, bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́ ni kí ohun tí wọ́n máa mú máa pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ti sísún ọjọ́ síwájú lọ́tọ̀, kí wọ́n má kà á sí fífagi lé e.

Owó ìdúró tí onígbọ̀ngán ń gbà nítorí ohun tó bá bàjẹ́ kì í ṣe ara owó ibẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọjọ́ tó máa padà wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya àwòrán àga àti ògiri kí àlejò tó wọlé.

Tọ́rọ̀ bá wọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí wọn, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà máa ń gba ẹ̀sùn, àdéhùn àti rìsíìtì yín sì lẹ máa mú lọ.