Fọ́tò Ò Lọ: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́ta fún Àìsàn Mẹ́ta

Aláúsá ní Ìkẹjà ni sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin ìdáàbòbò èdè Yorùbá, èyí tí gómìnà buwọ́ lù ní 2018. Àmọ́ bí ènìyàn bá jáde síta, tó yà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kótópó tí wọ́n ti ń bá ará ìlú kọ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́ lórí fọ́tò tó kọ̀ tí ò wọlé.

“Màmá, fọ́tò yín ò lọ.”

“Kí ló ṣe é tí ò lọ?”

“Sáìtì wọn ni. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, dátà ń lọ, fọ́tò ò lọ. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò purọ́, ṣùgbọ́n “ò lọ” tó sọ dà bí ìgbà tí dókítà bá ní “ara rẹ ò yá.” Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìyàtọ̀ àwọn àìsàn yìí ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó kọ́kọ́ wá. Àwa Yorùbá tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn jù. A ti sọ rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì, a sì sọ tẹlifíṣàn di amóhùnmáwòrán. Wọ́n dùn létí, ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé fọ́tò ìyá yìí. Áífóònù ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi yà á. Ní 2017 ni àwọn tó ń ṣe fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú fọ́tò sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.heic`, nítorí pé ó máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ tó ìdajì fáìlì `.jpg` tí gbogbo ayé mọ̀ láti 1992. Fọ́ọ̀mù tí ìyá ń kọ kò mọ̀ ju `.jpg` lọ. Ọmọ náà wá dá ọgbọ́n: ó pa `.heic` rẹ́, ó kọ `.jpg` dípò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tún kọ̀ ọ́.

Ó yẹ kó kọ̀ ọ́. Ṣé bí ènìyàn bá kọ “epo pupa” sára kèègì kẹrosíìnì, ó ti di epo pupa nìyẹn? Orúkọ ara fáìlì lásán ni ọmọ náà yí padà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń yẹ inú fáìlì wò: `FF D8 FF` ni ojúlówó JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé `ftypheic` ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ irú fọ́tò áífóònù yìí. Àwọn kan máa ń pe ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ yìí ní “irú fáìlì” tàbí “ẹ̀yà fáìlì.” Kò burú, àmọ́ “ọ̀nà-ìkọ” ṣe kedere jù. Àwọn àgbà wà láàárín wa tó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Yorùbá náà ni, ẹni tí kò sì mọ lẹ́tà Lárúbáwá kò ní lè kà á. Kò sí àléébù kankan lára fọ́tò ìyá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ ni fọ́ọ̀mù kò mọ̀ kà. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ìkànnì sọ ni: “A kò lè ka fọ́tò yìí.” Oògùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún un kọ sí JPEG lódindi. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lọ́jọ́ iwájú lè wọ `Settings`, kó tẹ `Camera`, lẹ́yìn náà `Formats`, kó wá yan `Most Compatible`.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Nígbà tí wọ́n tún fọ́tò náà kọ sí JPEG, ó wúwo sí i: ó kúrò ní mẹ́gábáìtì kan àti díẹ̀, ó di 3.6. Fọ́ọ̀mù náà kò sì fẹ́ ohun tó bá ju 200 kílóbáìtì lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ kan, “size,” fún ohun méjì níbí, Yorùbá kò sì gbọ́dọ̀ bá a kó sínú rẹ̀. Fọ́tò máa ń tóbi, ó sì máa ń wúwo. Títóbi rẹ̀ ni iye ẹyọ àmì àwọ̀ tó wà lóròó àti níbùú. Ti ìyá yìí jẹ́ 4,000 sí 3,000, ìyẹn mílíọ̀nù 12. Wíwúwo rẹ̀ ni iye báìtì tó gbà. Bí ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì mẹ́ta, fọ́tò náà ì bá wúwo tó mẹ́gábáìtì 36. JPEG ló sọ ọ́ di 3.6.

Báwo ló ṣe ṣe é? Ó fún un ni. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí ni “fún” yìí: bí a bá fi òkúta tẹ àpò ẹ̀gẹ́ tí a rin, omi yóò ro, kò sì sí ẹni tó lè dá omi náà padà. Ohun tí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí ni JPEG ń ro dànù, bí a bá sì fún un jù, ojú ènìyàn á wá rí págunpàgun. PNG ní tirẹ̀ kì í fún fọ́tò, ńṣe ló ń ká a bí aṣọ. A tú u, kò dín. “Fún” àti “ká” ti tó fún iṣẹ́ yìí, a kò nílò ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá kankan.

Wọ́n gé fọ́tò ìyá kó ku ojú àti èjìká, wọ́n dín in kù sí 600 sí 600, wọ́n wá fún un díẹ̀. Ó di 150 kílóbáìtì. “Fọ́tò yìí wúwo jù” ni fọ́ọ̀mù ì bá ti sọ, kó sì fi ìwọ̀n tó ń fẹ́ tì í.

Ó ku nẹ́tíwọ́kì, ẹni tí wọ́n máa ń di ẹ̀bi lé lórí jù. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí fáìlì bá délé tán ni wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ. Bí nẹ́tíwọ́kì bá ń gbé bíìtì 256,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́gábáìtì 3.6 yóò gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 112. 150 kílóbáìtì kò ní gbà tó márùn-ún. Ìyá ti jókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n tó kọ̀ ọ́, ó wá ń bú nẹ́tíwọ́kì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fọ́tò rẹ̀ dé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà.

Èyí tí kò dé gan-an ní àmì tirẹ̀. Yóò máa yí, yóò dúró lójú kan, kò sì ní sí ẹni tó sọ ìdí kankan. Bí fọ́tò kékeré mìíràn bá kọjá lójú ẹsẹ̀, nẹ́tíwọ́kì ti jàre. Èyí ló jẹ́ kí “gbé sókè” tí àwọn kan ń lò máa ṣini lọ́nà: kò sí ohun tó ń gòkè. Fọ́tò ń rìnrìn-àjò ni, ó sì lè já sọ́nà. “Fi ránṣẹ́” ló bá a mu, “kò tíì dé” sì ni èsì rẹ̀.

Kí àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀mù ní Aláúsá dákun fi gbólóhùn mẹ́ta yìí sí i: fọ́tò yín wúwo jù, a kò lè ka fọ́tò yín, fọ́tò yín kò tíì dé.